Ìkíni gígùn kọ́ ló ń mú kí báǹkì tètè dáni lóhùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí owó táńsífà bá há, bí a bá ṣe forí balẹ̀ tó nínú ìkíni ni báǹkì yóò ṣe tètè gbọ́ tiwa. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń fi ìlà mẹ́rin bẹ ọ̀gá tí kò mọ̀ nínú ímeèlì kó tó dárúkọ owó. Lórí Wọ́tsáàpù ẹ̀wẹ̀, á kọ "Ẹ káàárọ̀ sà", á dákẹ́, á máa retí kí wọ́n jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, ó sì dáa nílé.

Àmọ́ lórí Wọ́tsáàpù báǹkì, ẹ̀rọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹ káàárọ̀" lásán kò yé e, àfi kó to nọ́ńbà sílẹ̀ pé kí ẹ mú ọ̀kan. Bó bá tiẹ̀ kan èèyàn, ẹni náà lè máa dá oníbàárà púpọ̀ lóhùn pọ̀. Tí ẹ bá kí i tán tí ẹ dákẹ́, ó ti kọjú sí ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ kí i o, ṣùgbọ́n kí ìkíni àti ẹjọ́ jọ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan:

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo fi 25,000 náírà ránṣẹ́ ní aago 9:14 àárọ̀ yìí. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í. Session ID rẹ̀ rèé."

Session ID yẹn wà lórí rísíìtì táńsífà, nọ́ńbà 30 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí báǹkì tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti àkókò. Òun ni wọ́n fi ń tọpa owó. Ẹni tó kọ "sà" lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò fi í sí i, wọn á ṣì padà wá béèrè rẹ̀ ni.

Ti ímeèlì yàtọ̀ díẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó ń fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì kò yanjú ọ̀rọ̀, ẹ lè gbé e lọ sí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní cpd@cbn.gov.ng, ìwé tí ẹ kọ sí báǹkì yín ni ẹ ó sì fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí ni yóò kà á. "Ẹ̀yin olè wọ̀nyí" kò ní dùn ún kà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "Báwo ni, ọ̀rẹ́ mi". "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báǹkì" ti tó. Àkọlé ló yẹ kí ẹ ṣe wàhálà lé lórí, torí òun ni wọ́n ń rí kí wọ́n tó ṣí ìwé: "Táńsífà 25,000 náírà tí kò dé, 3 Oṣù Kẹta".

Báǹkì yín gbọ́dọ̀ fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́. Nígbà tí ẹ bá tún ń kọ̀wé, orí ímeèlì kan náà ni kí ẹ ti dáhùn, kí nọ́ńbà yẹn wà nínú àkọlé. "Ẹ kú iṣẹ́" kan péré, ó parí.