Wọ́n fi mí ṣe hẹ́ẹ̀dì tẹ́là, àwọn ọ̀rẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́

Abẹ́kẹ́ Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Tẹ́là ni mí ní báǹkì kan n'Íbàdàn, oṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe hẹ́ẹ̀dì tẹ́là, àwọn tá a jọ ń jókòó sí káńtà ló wá wà lábẹ́ mi báyìí. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wọṣẹ́ wà níbẹ̀, Àǹtí tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka owó náà wà níbẹ̀. Ní Fúráìdé ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́tééjì ₦18,000, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó di Mọ́ńdè, mo ní rárá, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àtìgbà yẹn, tí mo bá wọlé ṣe ni gbogbo wọn máa ń dákẹ́. Ó wá ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣèèṣì fún mi nípò yìí ni, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Dùgbẹ̀: Ẹ le mọ́ wọn jàre! Ẹ kúrò nínú gúrúùpù Wásáàpù tẹ́ ẹ jọ wà, ẹ má bá wọn jẹun mọ́, ẹni tó bá ṣe ṣọ́tééjì kó san án. Tí wọ́n bá ti rí i pé ẹ ò gbàgbàkugbà, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Họ́wù, ṣé ọ̀rẹ́ yín ló kó owó náà ni? Ẹ tètè sọ fún mánéjà o. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi ló ń kó aṣọ kọ́sítọ́mà lọ sílé tí mò ń bò ó mọ́lẹ̀.

Abẹ́kẹ́ Ìbàdàn: Rárá mà, kò jalè, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Owó ò kàn pé ni.

Màmá Òpéréṣọ̀n: Abẹ́kẹ́, mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn láti káńtà títí mo fi di ọ̀gá òpéréṣọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kó o tó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣé ẹ jọ wá owó náà?

Abẹ́kẹ́ Ìbàdàn: A tún un kà mà, kò pé. Mo wá ní kó kọ ọ́, iwájú gbogbo wọn ni torí àsìkò ti lọ.

Màmá Òpéréṣọ̀n: Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. O ṣeun tó ò jẹ́ kó di Mọ́ńdè, torí tó o bá fọwọ́ sí i pé owó pé nígbà tí kò pé, tí ọ̀dítọ̀ wá ka owó lójijì láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìwọ àti ẹ̀ ni wọ́n máa bi. Ṣùgbọ́n wo 18,000 yẹn dáadáa. Tó o bá fi 9 pín in, kò ní ṣẹ́kù. Tí iye tó dín bá rí báyẹn, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí ni pé wọ́n yí nọ́ńbà padà, sílíìpù ní 24,000, ó san 42,000. Yọ 24 kúrò nínú 42, 18 náà ni. Nítorí náà kó gbogbo sílíìpù owó tó san lọ́jọ́ yẹn jáde, wá èyí tí nọ́ńbà kejì fi 2 ju ti àkọ́kọ́ lọ, bíi 13, 24, 35, 46, wọn ò ní pọ̀ rárá, wo àsìkò tó san án, kó o ní kí wọ́n fi kámẹ́rà àsìkò yẹn hàn yín. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, tó bá jẹ́ pé owó ló lẹ̀ mọ́ra nígbà tó ń kà á, sílíìpù ò lè sọ ìyẹn fún ẹ.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí nìyí: wíwá owó yẹn ni iṣẹ́ hẹ́ẹ̀dì tẹ́là, kíka owó ni iṣẹ́ tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún ẹ nípò torí pé o mọ owó kà, kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ẹ nípa èkejì. Nígbà tí ọkàn rẹ bá ń sọ pé o ò mọ iṣẹ́ yìí, apá kan òótọ́ ni, o ò tíì kọ́ ọ. Ìyẹn ò sọ pé kò tọ́ sí ẹ. Ṣé o ṣì máa ń lọ jókòó sí káńtà bá wọn sanwó?

Abẹ́kẹ́ Ìbàdàn: Ojoojúmọ́ mà. Mo tún máa ń tún owó tí wọ́n ti kà kà, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó kúrò.

Màmá Òpéréṣọ̀n: Iṣẹ́ tó o mọ̀ lò ń sá padà sí yẹn. Ìwọ rò pé ò ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn rò pé o ò fọkàn tán wọn. Tó o bá fẹ́ ka owó wọn, kà á nígbà tó yẹ, ní ìparí iṣẹ́ tí wọ́n bá ń dá owó padà sí fọ́ọ̀tì, kí ẹni tó ni í dúró níbẹ̀. Fi àsìkò tó kù wo ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sàíkọ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tó ń ṣe é yìí ti wà nínú ìwé láti 1978, àwọn obìnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, Pauline Clance àti Suzanne Imes, ló kọ ọ́, àwọn obìnrin tó ti yege ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n gbà pé ẹ̀tàn ni àwọn. Inú orí ẹ̀ ló wà, kò jẹ́ òótọ́ rárá.

Màmá Òpéréṣọ̀n: Ọmọ mi, mo gbọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé inú orí ẹ̀ ló wà, kò ní lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́la owó ṣì lè dín.

Àǹtí Káńtà: Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ torí èmi ni wọ́n fò dá níbi iṣẹ́ tèmi. Kì í ṣe pé ọmọdé gba ipò ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi, tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ á gba ẹnu ẹlòmíì. Abẹ́kẹ́, lọ bá Àǹtí yẹn, ẹ̀yin méjì péré, sọ pé o mọ̀ pé òun ló kọ́ ẹ, sọ ohun tó máa yí padà àti ohun tí kò ní yí padà. Má tọrọ àforíjì pé wọ́n gbé ẹ ga o, ìwọ kọ́ lo fún ara ẹ.

Abẹ́kẹ́ Ìbàdàn: Ẹ ṣé mà. Mo ṣì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ṣé kí n dáwọ́ dúró ni?

Ọmọ Dùgbẹ̀: Ẹ dáwọ́ dúró! Ọ̀gá wo ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ lójú kọ́sítọ́mà?

Àǹtí Káńtà: Má dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tó o bá dáwọ́ dúró ni wọ́n máa sọ pé ipò ti gun ẹ lórí.

Màmá Òpéréṣọ̀n: Kúnlẹ̀ kí i, kó o sì ka owó ẹ̀ bó o ṣe ń ka ti gbogbo èèyàn. Ohun tó máa ń ba káńtà jẹ́ ni pé kéèyàn ka ti ọmọdé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó wá fojú lásán gba bọ́ńdù lọ́wọ́ àgbà tàbí ọ̀rẹ́. Ohun tí Ọmọ Dùgbẹ̀ sọ nípa gbàgbàkugbà, ó rí i sọ níbẹ̀. Ti oúnjẹ yẹn ni mi ò gbà, ẹni tó o bá ń bá jẹun lè tètè sọ fún ẹ pé owó òun ò pé.

Ọmọ Dùgbẹ̀: Mi ò tíì gbà o. Ẹni tẹ́ ẹ bá ń bá jẹun náà ló máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó di Mọ́ńdè.

Abẹ́kẹ́ Ìbàdàn: Mo ti padà dé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ wá sílíìpù náà, a rí èyí tó ní 35,000, kámẹ́rà sì fi hàn pé bọ́ńdù ₦50,000 kan ló kọ́kọ́ mú, ó wá ka mẹ́ta lé e. Ó sunkún. Ó ní kíkọ tí mo ní kó kọ ọ́ kọ́ ló dun òun, pé iwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. A ti pe kọ́sítọ́mà náà, kò gbé e. Mi ò tíì bá Àǹtí sọ̀rọ̀.

Màmá Òpéréṣọ̀n: Ẹ má fi fóònù tiyín pè é mọ́, kí mánéjà pè é láti báǹkì, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti àsìkò tí wọ́n pè é sílẹ̀. Ṣọ́tééjì yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé títí owó á fi wọlé. Tó bá tún kọ̀ tí kò gbé e, wá sọ fún mi níbí.