Ṣé dandan ni kí n san kọmíṣọ̀n tí mo bá kàn sọ̀kalẹ̀ nínú ilé kan náà?

Ọmọ Ìpájà: Ẹ kú ilé o. Àjà kejì la wà nílé tá à ń gbé n'Ìpájà. Iṣẹ́ abẹ ni ìyàwó mi fi bímọ, ìyá mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ náà, orúnkún ń dùn wọ́n. Fúláàtì kan máa ṣófo nísàlẹ̀ lópin oṣù. ₦600,000 là ń san lọ́dún, ó ṣì ku oṣù méje. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ₦720,000. Éjẹ́ǹtì ní kí n san gbogbo ₦720,000, kí n tún san kọmíṣọ̀n àti owó àgírímẹ́ǹtì. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire! Ọlọ́run á wo ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín máa gbé korobá omi gun àtẹ̀gùn o, ojú ọgbẹ́ yẹn kì í tètè jinná.

Ṣẹ̀gilọlá: Kí lẹ wá ń kó kúrò nílé fún nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?

Ọmọ Ìpájà: Ilé kan náà ni mà.

Bàbá Káfá: Òfin wà! Òfin ayálégbé Èkó ti 2011. Lánlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ, ó sì GBỌ́DỌ̀ fún ẹ nísàlẹ̀ torí ìwọ lo ti wà níbẹ̀.

Lọ́yà Àdúgbò: Bàbá Káfá, ti ọdún kan yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ òfin ò fipá mú lánlọ́ọ̀dù kó gbé fúláàtì mìíràn fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìpájà, lánlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ni kó o kọ lẹ́tà sí, má fi mọ sọ́dọ̀ éjẹ́ǹtì. Òkè jẹ́ ₦50,000 lóṣù, oṣù méje tó kù jẹ́ ₦350,000, owó ẹ nìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ₦60,000 lóṣù, oṣù méje ẹ̀ jẹ́ ₦420,000. Sọ fún un pé wàá fi ₦70,000 kún un, kí ọjọ́ tówó ilé ń parí má yí padà. Tó bá gbà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦350,000 àti owó kọ́ṣọ̀n ẹ ti sọ̀kalẹ̀ bá ẹ, kó tó di pé o dá kọ́kọ́rọ́ òkè padà. Tó o bá lọ fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tuntun tí ò dárúkọ owó yẹn, ti àtijọ́ ti parí nìyẹn, wàá wá máa sáré lé owó ẹ kiri.

Gbénga Ilé Dára: Èmi éjẹ́ǹtì ni o, ẹ jẹ́ á sòótọ́. Ta ló máa wá èèyàn sínú fúláàtì òkè? Ta ló máa mú wọn káàkiri? Kí éjẹ́ǹtì máa jẹ afẹ́fẹ́?

Àṣàkẹ́ Oníbàtà: Ẹni tó bá gba òkè á san kọmíṣọ̀n tiẹ̀ fún ẹ! O wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ náà, ilé tí o ò bá a wá. Olè ni yín.

Gbénga Ilé Dára: Ẹ má pè mí lólè o. Ṣé ẹ̀yin ń ta bàtà lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

Àṣàkẹ́ Oníbàtà: Mi ò ta bàtà kan náà lẹ́ẹ̀mejì!

Dàpọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín: Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ ní saìsì 43? 😂

Ìyá Ìbejì: Èmi náà ń wá ti ọmọdé o.

Màmá Agége: Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìdí ògiri nísàlẹ̀ yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé fún wa nígbà tá a wọlé, òjò oṣù kẹfà dé, ọ̀dà ń ṣí, nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ lára ògiri, ọmọ mi ń wúkọ́ tọ̀sán tòru. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ bi ará ilé tó kàn yín bí omi ṣe ń ṣe lójúlé tójò bá rọ̀.

Lọ́yà Àdúgbò: Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ tún ra iná díẹ̀ sórí mítà ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tówó tẹ́ ẹ san bá pọ̀ ju iná tẹ́ ẹ rí lọ gan-an, ó lè jẹ́ pé gbèsè wà lórí ẹ̀. Kí ẹni tó ń kó lọ yanjú ẹ̀.

Bàbá Káfá: MO NÍ ÒFIN WÀ. 2011! LÁNLỌ́Ọ̀DÙ Ò LÈ KỌ̀!

Gbénga Ilé Dára: Bàbá, ẹ tíì ka òfin yẹn rí? Kò kan Ìkòyí gan-an.

Bàbá Káfá: Ta ló ń gbé Ìkòyí níbí?

Ọmọ Ìpájà: Ẹ ṣé gan-an. Éjẹ́ǹtì ṣì ń pè mí, ó ní ẹlòmíì ti fẹ́ sanwó fún ìsàlẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ò gbé fóònù. Kí n ṣe sùúrù àbí kí n san?

Àṣàkẹ́ Oníbàtà: Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, "ẹlòmíì ti fẹ́ sanwó". Gbénga, dá mi lóhùn, ṣé ẹ̀yin kọ́?

Gbénga Ilé Dára: Mi ò tiẹ̀ mọ ojú Ìpájà! Ẹ lọ wá oníbàárà yín, 43 ló ń bèèrè.