Ẹ jẹ́ kí Màmá fẹnu ara wọn sọ ọ́

Lójú tèmi o, àṣìkọ kọ́ ló ń ba ìwé ìtàn ayé àgbàlagbà jẹ́. Àwa ọmọ tó kàwé, tá a gbà á lọ́wọ́ wọn pé a fẹ́ bá wọn tún un ṣe, àwa gan-an la máa ń bà á jẹ́. A ó tún un ṣe títí, ẹni tó bá kà á yóò fi rò pé akọ̀wé káńsù ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ń gbóná lọ́wọ́ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ìyá tó bí ìyá mi ń kọ ìtàn ayé wọn, bírò àti ìwé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Orí tó wà nílẹ̀ ni ti Tàmálè, níbi tí wọ́n ti ń ta worobo kí wọ́n tó lé wọn kúrò ní Gánà lọ́dún 1969. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ti Gánà dé wà nílé tiyín náà, torí àwọn èèyàn wa pọ̀ lápá àríwá Gánà nígbà yẹn bí nǹkan míì.

Bí Màmá ṣe kọ ibì kan rèé, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan:

“Nigbati Busia ni ki a ma lọ, nwọn fun wa li ọsẹ meji. Ọsẹ meji! Enia ti o ti ta ọja li awin lati oṣu mẹta, ọsẹ meji ni yio fi gba owo? Mo lọ ba onigbese mi kini, o ni Iya Ibeji ẹ ma lọ na, a o fi owo ranṣẹ. Ranṣẹ si tani? Si ibo?”

Bí ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ tíṣà ṣe tún un kọ nìyí: “Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba orílẹ̀-èdè Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí mú kí ó ṣòro fún àwọn oníṣòwò láti gba gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n.”

Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Déètì náà tọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n onígbèsè ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, “Ọsẹ meji!” ti lọ, ìbéèrè méjèèjì tí Màmá fi parí ọ̀rọ̀ náà ti wọlẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìtàn náà. Ẹni tó ń sọ pé òun yóò fowó ránṣẹ́ mọ̀ pé òun ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́, Màmá náà mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ní láti kí ara wọn pé ó dàbọ̀. “Ó ṣòro láti gba gbèsè” ò lè gbé gbogbo ìyẹn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi déètì sí àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, pẹ̀lú ẹni tí Bùsíà jẹ́, olórí ìjọba Gánà nígbà náà. Lókè, mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí Màmá ṣe tò ó. Àkọtọ́ nìkan ni mo fọwọ́ kàn, torí ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tá à ń lò báyìí, Màmá sì ti kúrò nílé ìwé tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. “Enia” di “ènìyàn”, “nwọn” di “wọ́n”, “yio” di “yóò”. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyàtọ̀ kankan tí wọ́n bá kà á sókè.

“Li” ló fẹ́ dà mí láàmú. Ṣé àkọtọ́ àtijọ́ lásán ni, àbí ohùn Bíbélì tí wọ́n fi tọ́ Màmá dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi? Mo gbé ìwé náà fún wọn pé kí wọ́n kà á fún mi. Níbi tí wọ́n kọ “li ọsẹ meji”, “lọ́sẹ̀ méjì” ni wọ́n kà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi àdúrà tí wọ́n gbà nínú lọ́rì, “li” jáde lẹ́nu wọn ketekete, wọ́n tiẹ̀ fa ohùn sí i. Mo fi “li” sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nìkan, tí kò gbọ́ kí ẹni tó kọ ìwé kà á, kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí láéláé.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ti báàgì. Màmá kọ ọ́ pé àpò ìdọ̀họ àti pọ́tìmáńtò kan ni wọ́n di ẹrù sí. Ẹ̀gbọ́n mi yí i padà sí báàgì Gáná-mọ́ọ̀sì-gò, ó ní òǹkàwé á tètè rí i lójú inú. Ọdún 1983, nígbà tí ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà, ni orúkọ yẹn mọ́ báàgì náà lára. Ẹnu 1983 ò lè máa ròyìn ẹrù 1969! Ìdí kan náà ni mo fi kọ̀ kí a yí “Dàhòmì” tí lọ́rì gbà kọjá sí Orílẹ̀-èdè Bìnì. Dàhòmì ló ṣì ń jẹ́ nígbà náà, ọdún 1975 ni wọ́n yí i padà.

Mi ò ní ká má gé nǹkan kan o. Màmá máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ, àtúnsọ wọn sì jẹ́ oríṣi méjì. “Ọlọ́run ò gbàgbé wa” wà káàkiri orí náà, àmọ́ ohun tuntun kan ti ṣẹlẹ̀ kó tó tún jáde: wọ́n rí ọkọ̀, omi tán, ọmọ kan ṣàìsàn, ara rẹ̀ yá. Ègbè ni ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti awakọ̀ yàtọ̀. Wọ́n kọ pé “awakọ̀ kan báyìí, ará Ìlọrin ni”, lẹ́yìn ojú ìwé bíi mélòó kan wọ́n tún kọ “awakọ̀ kan báyìí, ará Ìlọrin ni”, bí ẹni pé a ò tíì pàdé rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá tún ń fi ẹni tí a ti mọ̀ hàn wá, ìgbàgbé nìyẹn. Mo bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n mú èkejì, torí pé ibẹ̀ ni bàtà awakọ̀ náà wà, àlòkù táyà tí wọ́n gé. Mo gé àkọ́kọ́ kúrò, mo sì gbé èkejì lọ sí ibi tí awakọ̀ náà ti kọ́kọ́ yọjú.

Níbi tí nǹkan ò bá yé mi, mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ tèmi dí àlàfo. Màmá kọ ọ́ pé “a sun Lome” láìsọ ibi tí wọ́n sùn. Mo tan fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn, mo ní, “Màmá, ibo lẹ sùn ní Lómè?” Wọ́n ní, “Ibo là bá sùn? Abẹ́ lọ́rì ni. Ṣé o rò pé òtẹ́ẹ̀lì la wà ni?” Mo kọ “Abẹ́ lọ́rì ni” sínú ìwé bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ti òtẹ́ẹ̀lì, èmi ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe òǹkàwé, mo yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí.

Bí mo bá sì ń ka àtúnṣe fún wọn, ẹnu wọn ni mò ń wò. Níbi tó bá jẹ́ tiwọn, wọn á ti parí gbólóhùn náà kí n tó parí rẹ̀. Nígbà tí mo ka ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, “Ó dáa. Ta ló kọ ọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbà pátápátá. Ó ní àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun á fojú fo àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, wọn ò sì ní mọ ọdún tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. A ti fẹnu kò pé “Tàmálè, 1969” ni a ó kọ sábẹ́ àkọlé orí náà, kí déètì má bàa dí Màmá lẹ́nu.