Ọ̀rọ̀ Rere Ní Í Yọ Obì Lápò

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àpò àti apó, ìró ohùn ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹni tó fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣe rí.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Ifẹ̀ ń kọ ètò bí wọn yóò ṣe ta ọṣẹ dúdú. Ọ̀kan ní òun á béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Odò-Ògbè àti Lágere. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló so tàwọn yòókù rọ̀. Bí owó irinṣẹ́ àti ìpolówó bá jẹ́ ₦60,000, tí ọṣẹ kan ń ná wọn ní ₦500, tí wọ́n bá tà á ní ₦800, èrè orí ọ̀kan jẹ́ ₦300: ó di 200 ọṣẹ kí owó wọn tó padà. Bó bá jẹ́ ₦700 lọjà ń gbà, 300 ni wọn yóò tà. Láìmọ iye tí ọjà ń gbà, ẹni tó ń ṣètò ìpolówó kò lè mọ iye oníbàárà tó yẹ kó wá kiri.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sí i nìyẹn, kì í ṣe “o ò ṣe nǹkan kan.” Ẹ má kọ ọ́ sójú gbogbo ẹgbẹ́, ojú á tì í, á dákẹ́ pátápátá. “Jọ̀ọ́, gbìyànjú” náà kò wúlò, torí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo irú èyí:

“Ọ̀rẹ́ mi, ṣé dáadáa ni? Iye owó ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ la ń dúró dè; láìsí i, a ò lè ṣírò iye ọṣẹ tó máa dá owó wa padà. Ṣé nǹkan kan ló dí ọ lọ́wọ́? Bó o bá ṣì lè ṣe é, bi ọlọ́ṣẹ márùn-ún péré. Kọ iye owó àti ìwọ̀n ọṣẹ, kó o fi ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, sọ fún mi lónìí, ká fún ọ níṣẹ́ míì.”

Bó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ni, “ẹ” lẹ máa lò látòkèdélẹ̀. Ẹ má sì yọ ìwọ̀n kúrò: gígé ni wọ́n sábà máa ń gé ọṣẹ dúdú tà, iye owó láìsí ìwọ̀n kò ṣeé fi wéra.

Bó bá dákẹ́, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan. Tí aago mẹ́fà Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, kí ẹlòmíì lọ sọ́jà láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ sì sọ fún òun náà pé ẹ ti gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni kẹ́ ẹ bi bóyá orúkọ ẹni náà á wà lójú ìwé àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́.