Ṣaworo ni bọ́ọ̀lù wa nílò, kì í ṣe mílíọ̀nù

Bí mo bá ti sọ ọ́ ní Ìtirẹ̀ pé a fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀, tí ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran yóò jọ máa ṣeré, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, owó ńlá nìyẹn o. Òkè òkun ni bọ́ọ̀lù wọn ti ń wá."

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká mú góòlù-bọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 fún àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú. Ènìyàn mẹ́ta ló ń kojú mẹ́ta. Wọ́n di ojú gbogbo wọn, ẹni tó ríran náà kò yọ sílẹ̀. Ẹnì kan á yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, àwọn tó wà lódìkejì á fetí sí i, wọ́n á fi ara dí ojú góòlù. Nítorí pé bọ́ọ̀lù náà ń dún ni wọ́n ṣe lè ṣe é.

Náílọ́ọ̀nù la kọ́kọ́ fi wé bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan. Ó ń dún dáadáa, àmọ́ kọnkéré tètè fà á ya. La bá la ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ti gbó, a kó ṣaworo mẹ́fà tó já lára ìyá ìlù sínú rẹ̀, ẹni tó ń rán bàtà sì bá wa rán an padà. Kò ní afẹ́fẹ́ nínú mọ́, kò sì burú, torí bọ́ọ̀lù ìdíje gan-an kì í ní afẹ́fẹ́. Wọ́n máa ń dá ihò sí i lára kí ìró lè jáde.

Ìlà orí pápá náà gbọ́dọ̀ ṣeé fọwọ́ bà. Okùn tín-ín-rín la tẹ́ sílẹ̀, a wá fi téèpù fẹ̀ǹfẹ̀ bò ó. Ẹ fọ ilẹ̀, kí ó gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku á ṣí i. Pápá ìdíje gùn ní mítà 18, ó fẹ̀ ní mítà 9. Ìdajì rẹ̀ tó wa. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ la so mọ́ orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, torí kọnkéré kì í ṣàánú ara.

Ohun tó fẹ́ ba eré náà jẹ́ ni ariwo. Ọmọkùnrin kan tí kò ríran ti dí bọ́ọ̀lù méjì lẹ́sẹẹsẹ, ni ẹnì kan nítòsí bá tan jẹnẹrétọ̀. Bọ́ọ̀lù ìkẹta gba ọ̀tún, òun fò sí òsì. Àwa lè rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, àmọ́ nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ó tún ń dí i. Láti ìgbà náà, aago méje òwúrọ̀ Sátidé la fi ń ṣeré, kí hóònù dánfó tó gbóná, òǹwòran kò sì gbọ́dọ̀ pariwo àyàfi tí góòlù bá wọlé.

Ẹ má fi adití sínú eré yìí o. Tí ẹ bá di ojú rẹ̀, kí ló kù tí yóò fi mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà? Fọlibọ́ọ̀lù àjókòó ló bá a mu, òun àti ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lẹ́sẹ̀: pápá mítà 10 sí 6, okùn tí a ta sí òkè ní mítà 1.15 dípò nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, ì báà ní ẹsẹ̀ tó le bí irin.