Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé sókè kọ́ ló sọ ìrẹsì di ọ̀wọ́n

"Báńkì Àpapọ̀ ló fà á. Wọ́n gbé èlé sókè, oníṣòwò tó yáwó gbé e lé orí ọjà, àwa tí à ń rà á la wá ń san án." Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀ ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, ó sì ń wọ inú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé bí ẹni pé òótọ́ tí kò ṣe é jà níyàn ni. Iye tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn kì í ṣe irọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé kúrò ní 11.5%, ó di 13%. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti di 27.5%. Ọ̀wọ́n ọjà náà kò jókòó: ó kúrò ní 17.7%, ó di 34.8%. Méjèèjì jọ ń gòkè, ni wọ́n bá ní èkíní ló bí èkejì.

Ẹni tó bá ka agboòrùn lójú títì lọ́jọ́ òjò lè sọ pé agboòrùn ló ń fa òjò. Ìgbà tí ọjà bá ti ń wọ́n ni Báńkì Àpapọ̀ ń gbé èlé sókè, nítorí náà kò sí bí wọn kò ṣe ní jọ máa rìn. Ìbéèrè gidi ni pé, tí wọn kò bá gbé e sókè ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ẹ̀sùn náà dáadáa, torí kì í ṣe òfìfo. Ká ní ìyá kan tó ń ta ìrẹsì yá mílíọ̀nù kan náírà. Ká ní àpò kan jẹ́ ₦100,000, kó ra àpò mẹ́wàá, kó tà á tán láàrin oṣù kan, kó sì tún lọ ra òmíràn. Èlé tó ń san tẹ́lẹ̀ jẹ́ 20% lọ́dún, ó wá di 28%. Àlékún rẹ̀ jẹ́ ₦80,000 lọ́dún, bíi ₦6,670 lóṣù. Pín in sórí àpò mẹ́wàá, yóò jẹ́ ₦667 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Kódà kí ẹni tó kó o wọlé àti ẹni tó fi ọkọ̀ gbé e náà fi irú iye bẹ́ẹ̀ lé e, kò tíì pé ₦2,100 lórí àpò ₦100,000.

Ẹ wá wo dọ́là. Kí wọ́n tó tú owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju bíi ₦460 lọ ní ọwọ́ ìjọba. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ọjà tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún dọ́là rà, tó jẹ́ ₦46,000 tẹ́lẹ̀, ti di ₦150,000 kó tó kúrò ní èbúté. Èwo nínú méjèèjì ló lágbára láti sọ ìrẹsì di ohun tí à ń fi kóńgò kékeré rà? Ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ tí wọ́n gbìn ní Èkìtì níbí náà kò yọ sílẹ̀, torí tí ti òkè òkun bá ti wọ́n, gbogbo ènìyàn á ya bò ó, ẹni tó ń tà á á sì gbé owó lé e.

Ohun kan tún wà tí àròkọ púpọ̀ máa ń fò. ₦667 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wọlé. Iye ọjà gòkè díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀wọ́n tí wọ́n ń kà lóṣooṣù ni bí iye náà ṣe ń sáré láti ọdún kan sí òmíràn. Kí àlékún èlé tó lè mú un sáré títí, àfi kí èlé náà máa gòkè láìdúró.

Ipa tí èlé ń tọ̀ gan-an jìnnà sí ilé ìtajà ìyá yẹn. Iye tí Báńkì Àpapọ̀ ń kéde ni wọ́n ń wò láti yá àwọn báńkì yòókù lówó nígbà tí owó bá wọ́n wọn lọ́wọ́. Bó bá gòkè, iye tí báńkì fi ń yá ara wọn lówó á gòkè, èrè orí ìwé ẹ̀yáwó ìjọba á tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ẹni tó ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ ti ń yan: ṣé kí n ra dọ́là pa mọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kí náírà máa pa owó fún mi? Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gbé èlé láti 18.75% sí 22.75% ní ìjókòó kan. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó di 24.75%. Ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ọlọ́dún kan kọjá 20%. Dọ́là àwọn ará òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, dọ́là ti já wá sí ìsàlẹ̀ ₦1,200.

Kò pẹ́ tí dọ́là tún fi gòkè. Ìdí kan ni pé ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 33.2% ní oṣù kẹta yẹn. Ẹni tó gba èrè bíi 21% nígbà tí ọjà ń fi 33% wọ́n ń pàdánù ni, bó tilẹ̀ rò pé òun ń jèrè. Iye èlé nìkan kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ yọ ọ̀wọ́n kúrò nínú rẹ̀ ná. Lójú tèmi, èlé Nàìjíríà lọ́dún náà kò ga rárá.

Orílẹ̀-èdè kan wà tó dán ìgbàgbọ́ Ọjà Ọba yìí wò. Ààrẹ Erdoğan ti Tọ́kì sọ ọ́ ní gbangba pé èlé tó ga ló ń fa ọ̀wọ́n. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, báńkì àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já èlé wálẹ̀ láti 19%. Ó ti di 14% kí ọdún tó parí. Àwọn ènìyàn sá kúrò nínú owó lírà, lírà já wálẹ̀, ọ̀wọ́n ọjà tó wà ní bíi 19.6% sì di 85.5% ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Tó bá jẹ́ pé èlé ló ń gbé ọjà gòkè, ó yẹ kí ọjà Tọ́kì ti rọ̀.

Kì í ṣe pé èlé lè ṣe gbogbo nǹkan o. Iṣu tí à ń gún níyán nílé wa, òjò, owó epo ọkọ̀ àti ìgbà iṣu tuntun ló ń sọ iye rẹ̀. Ẹni tó ń kó àjọ tàbí tó ń yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò mọ̀ bóyá Báńkì Àpapọ̀ jókòó lórí èlé ní Àbújá. Ìjọba náà sì ti gba bíi tírílíọ̀nù ₦22.7 lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn ní ọdún 2023. Ọwọ́ kan ń fa owó sílé, èkejì ń tú u síta. Yàtọ̀ sí èyí, èlé máa ń gbà tó ọdún kan sí méjì kí ipá rẹ̀ tó hàn dáadáa nínú iye ọjà.

Ẹni tó ń kọ àròkọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ọ̀wọ́n ọjà já láti 34.8% sí 24.48% láàrin oṣù kan. Èlé kọ́ ló ṣe é. Àjọ tó ń ka iye ọjà ló yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n padà sí 2024, wọ́n sì tún ìpín oúnjẹ àti àwọn nǹkan mìíràn inú rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá fa ìlà kan ṣoṣo láti 2024 kọjá sí 2025, òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rán pọ̀ yẹn.