Aago kẹrin rè é, ẹ gbà mí o

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kó tó pa mí. Bàámi pé ọdún 75 lóṣù tó kọjá, àtọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ẹ̀ làwọn èèyàn ilé wa ò ti jẹ́ kí n sinmi, kí la máa rà fún Dádì, kí la máa rà fún Dádì. A bi Dádì fúnra wọn, wọ́n ní "ẹ má ra nǹkan kan fún mi jàre, ilé ti kún." Òótọ́ ni wọ́n sì sọ! Ẹ wọ yàrá kejì nílé wọn n'Íbàdàn kẹ́ ẹ wo léèsì tẹ́nì kankan ò rán, yáàdì márùn-ún márùn-ún, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn wá, òmíì ti ń já lójú ibi tí wọ́n ká a sí. Aago ara ògiri mẹ́ta ló wà ní pálọ̀, fọ́tò Bàámi ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì nínú ẹ̀ sì ti kú. Ti kúlà àti tówẹ̀lì òde àríyá, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo ra aago ọwọ́ fún wọn, owó gidi ni mo ná sí i o. Ibo ni mo ti padà rí i? Lọ́wọ́ ọkọ àbúrò mi! Ó tún wá ń fi hàn mí, "Bọ̀dá, ẹ wo aago tí Dádì fún mi." Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè ni. Mi ò lè bínú sí Bàámi ṣá, wọ́n ti sọ fún mi kí n má rà á. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tí wọ́n bá ti rí i pọ́wọ́ ẹ ṣófo lọ́jọ́ọ̀bí, wọ́n á máa wò ẹ́ látòkè délẹ̀ bí aṣọ́bodè tó dá mọ́tò dúró, "kí lo kó wá?"

Ni mo bá ní lọ́dún yìí mi ò ra nǹkan kan, ohun tó ti bàjẹ́ nínú èyí tí wọ́n ní ni mo máa tún ṣe. Mo lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n mú iná lọ ní aago méje, ínfátà tó máa ń gbé wọn dàárọ̀ tẹ́lẹ̀ kú kó tó pé wákàtí kan, Bàámi kàn mú bébà ìròyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara wọn, wọ́n ní "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Èèyàn ní aago mẹ́ta, kò síná tó máa fi wò ó!

Bátìrì méjì ni ínfátà yẹn ń lò, ihò mẹ́fà mẹ́fà. Igi pupa tó yẹ kó nàró lórí ihò ti rì wọlé, nígbà tí mo ṣí i, irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀ ti yọ sókè omi. Wọn ò bu omi sí i látọjọ́ tí wọ́n ti rà á! Ṣé ẹ rí i, tó bá ń gba iná, omi inú ẹ̀ ló máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ásíìdì ẹ̀ kì í lọ síbì kankan, torí náà omi bátìrì lásán ló ń fẹ́. Ẹni tó ń tà á lọ́jà fẹ́ fún mi ní èyí tó ní ásíìdì, ó ní ìyẹn ló lágbára, mo ní ẹ mú un kúrò níwájú mi. Omi bọ̀húlù náà ò ṣe é lò, ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀ á bà á jẹ́. Èmi àti oníná kọ́kọ́ bu díẹ̀ tó kàn bo irin yẹn, a jẹ́ kó gba iná títí tó fi kún, ká tó wá bù ú dé ojú ìlà, torí omi yẹn máa ń wú tó bá ń gba iná, téèyàn bá kún un bámúbámú tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ru dà sílẹ̀. Kò padà sí bó ṣe wà ní tuntun o, irin tó ti gbẹ pẹ́ kì í jí tán, àmọ́ ó ń gbé wọn dé aago méjì òru báyìí. Mo sanwó fún oníná yẹn, kó máa wá wo omi ẹ̀ lóṣù méjì méjì fún ọdún kan gbáko.

Ó di ọjọ́ọ̀bí, kálukú gbé páálí tí wọ́n fi bébà dídán wé dé. Àǹtí wa kan bi mí, "ìwọ ńkọ́?" Mo ní mo tún ínfátà ṣe. Wọ́n ní "ìyẹn náà ni ẹ̀bùn?" Bàámi ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n jókòó sí, wọn ò gbèjà mi o! Onífọ́tò wá dé, Àǹtí ní mi ò lè dúró lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n gbé páálí ẹlòmíì lé mi lọ́wọ́, mo sì gbé e, mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n tú u, aago ara ògiri ni. Ó ti wà ní yàrá kejì báyìí, lórí léèsì.